Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Aití Tó Tọwọ́ Bọ Ìwé Àdéhùn

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbé ìwé náà kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti wọ aṣọ tó lọ̀ dáadáa, ó ti wọ bọ́ọ̀sì méjì kó tó dé ọ́fíìsì, aǹtí tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà sì ti na bírò sí i, ó ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí yóò fọwọ́ sí lójú ewé kẹfà. Ojú ewé márùn-ún tó ṣáájú ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ṣí i. Ọmọ náà ti fi oṣù méjì wá ibi tí yóò ti ṣe aití. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kà á, wọ́n lè fi àyè náà fún ẹlòmíràn.

Ìwé méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ fi gba akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó máa ń mú padà sí ẹ̀ka SIWES nílé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kì í gùn: a ti gbà á, ọjọ́ báyìí ni kó bẹ̀rẹ̀. Ìwé àdéhùn ni èkejì. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti ń sọ wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò, ẹni tí yóò máa bójú tó o, ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọ níta, àti ẹni tó ni ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ láàárín wa mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí òbí bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, wọ́n á kọ iye ọdún tí yóò lò, wọ́n á kọ owó ìkọ́ṣẹ́, àwọn ẹlẹ́rìí á fọwọ́ sí i, gbogbo ilé á sì mọ ìgbà tí ọmọ máa ṣe fíríídọ̀mù. Ibi tí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ aití ti yàtọ̀ ni pé ọ̀gá méjì ló ní: ilé-iṣẹ́ tó gbà á, àti ilé-ẹ̀kọ́ tó rán an.

Ọdún 1973 ni àjọ ITF dá ètò SIWES sílẹ̀ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú rí iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ nínú ìwé. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì máa ń lò, tàwọn pólì sì jẹ́ oṣù mẹ́rin. Láàárín ìgbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sínú lọ́ọ̀gìbúùkù. Ọ̀gá tó ń bójú tó o níbi iṣẹ́ á máa fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ á wá yẹ̀ ẹ́ wò, òṣìṣẹ́ ITF náà sì lè béèrè rẹ̀. Nígbà tó bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ìjábọ̀, á sì dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti ṣàlàyé ohun tó ṣe. Nítorí náà, ọ̀nà tó dára jù láti ka ìwé àdéhùn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí lọ́ọ̀gìbúùkù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo abala tí kò bá ní jẹ́ kí lọ́ọ̀gìbúùkù ṣeé kọ gẹ́gẹ́ bó ti yẹ, wàhálà ń bẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, Ìkòròdú ló ń gbé, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Yábà tó ń ṣe sọ́fítíwíà owó sísan ló sì gbà á fún ọ̀sẹ̀ 24. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà, ó sì jẹ́ alájọ fún àwọn obìnrin bíi ogójì. Láti ọdún kejì rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ ni ọmọ yìí ti ń kọ ètò kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣírò owó àjọ náà. Kí á má gbàgbé ètò àjọ yìí, a óò padà bá a.

Abala wákàtí nìyí nínú ìwé tí wọ́n fún un: akẹ́kọ̀ọ́ yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, “àti nígbàkígbà mìíràn tí iṣẹ́ bá béèrè.” Apá àkọ́kọ́ kò burú. Bí a bá yọ wákàtí kan ìsinmi ọ̀sán, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ni, 40 lọ́sẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ló ní eyín. Kò ní òpin, kò sọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi máa sọ fún un ṣáájú, kò sì sọ bí yóò ṣe délé bí iṣẹ́ bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Yábà tí Ìkòròdú sì ń dúró dè é. Abala 13 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, kó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan, ó kéré tán, nínú ọjọ́ méje. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan á ní akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n tí òfin là kalẹ̀ fún àgbàlagbà tó ń gba owó oṣù kò pọ̀ jù fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ wákàtí tó pọ̀ jù nìkan kọ́ ni ìṣòro. Èyí tó kéré jù náà wà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn á gba akẹ́kọ̀ọ́ ogún nígbà tí àga mẹ́jọ péré ni wọ́n ní, wọ́n á wá pín wọn sí ọjọ́ méjì-méjì lọ́sẹ̀. Ó dùn mọ́ ọmọ lákọ̀ọ́kọ́, owó ọkọ̀ dín kù. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú ewé mẹ́ta á ti ṣófo nínú lọ́ọ̀gìbúùkù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irọ́ kún wọn. Olùkọ́ tó bá wá bẹ ibi iṣẹ́ wò lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí kò bá a níbẹ̀ á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí abala wákàtí sọ iye ọjọ́ tó dájú. Kó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gba àyè lọ sílé-ẹ̀kọ́ bí wọ́n bá pè é, kí ọjọ́ ìparí sì jẹ́ déètì gan-an. “Títí iṣẹ́ tí a gbé fún un yóò fi parí” kì í ṣe ọjọ́ ìparí, nítorí pé iṣẹ́ sọ́fítíwíà kì í parí, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní dúró dè é kó tó wọlé padà.

Nípa àbójútó, gbólóhùn kan ni wọ́n kọ: ilé-iṣẹ́ yóò pèsè àbójútó tó yẹ. Ta ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ sí lọ́ọ̀gìbúùkù gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó rí iṣẹ́ náà tó sì mọ̀ ọ́n, torí pé yóò kọ ohun tó rò nípa rẹ̀ síbẹ̀, òun náà sì ni yóò sọ irú ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ nígbà tí ìgbà bá pé. Bí ìwé kò bá dárúkọ ẹnikẹ́ni, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀gá yìí á ní kó lọ bá tọ̀hún, tọ̀hún á ní òun kò mọ̀ pé ọmọ náà wà níkàáwọ́ òun. Ọ̀sẹ̀ méje á kọjá láìsí ẹni tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ á sì máa bẹ akọ̀wé owó pé kó bá òun fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò yé e.

Ohun tí yóò béèrè kò pọ̀: kí wọ́n kọ orúkọ ẹni náà àti ipò rẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ pé yóò jókòó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti yẹ lọ́ọ̀gìbúùkù wò, àti pé bí ẹni náà bá lọ, ilé-iṣẹ́ yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kó tún wo gbólóhùn tó ní akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe “iṣẹ́ mìíràn tí a bá yàn fún un.” Kò sí ọ́fíìsì tí wọn kì í ti í rán ọmọ kékeré níṣẹ́, kò sì sí ẹ̀gàn nínú kéèyàn lọ ra omi fún ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí gbólóhùn yẹn bá dá dúró láìsọ iṣẹ́ tí ọmọ wá kọ́ gan-an, ó lè lo oṣù mẹ́fà nídìí ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ. Kí wọ́n fi kún un pé iṣẹ́ mìíràn náà yóò bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu.

Abala àṣírí ló gba kí èèyàn fara balẹ̀ jù, òun ló sì gba ojú ewé méjì nínú mẹ́fà. Ó kà báyìí: ohun gbogbo tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí, bá gbọ́ tàbí bá kọ́ nílé-iṣẹ́ jẹ́ àṣírí. Kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lóde, kódà lẹ́yìn tó bá ti lọ, bó bá sì sọ ọ́, yóò san mílíọ̀nù márùn-ún náírà.

Ẹ wo “bá kọ́” yẹn. Ìdí tí wọ́n fi rán an wá ni pé kó kọ́ nǹkan. Ẹ tún wo “ẹnikẹ́ni lóde.” Olùkọ́ tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, ara òde ni. Òṣìṣẹ́ ITF, ara òde ni. Àwọn tí yóò jókòó gbọ́ àlàyé rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara òde ni gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tó bá kọ ìlà àkọ́kọ́ sínú lọ́ọ̀gìbúùkù tó sì fi han olùkọ́ rẹ̀, ó ti rú àdéhùn. Bí kò bá sì kọ ọ́, ilé-ẹ̀kọ́ kò ní gbà pé ó ṣe aití. Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ fẹ́ dẹ pàkúté fún un. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwé tí wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà tí wọ́n tẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Òṣìṣẹ́ kò ní lọ́ọ̀gìbúùkù, ẹni tó kọ ìwé náà kò sì rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ ní in.

Gbólóhùn tó lè tún un ṣe kò gùn: “Ohunkóhun nínú abala yìí kò dí akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti kọ lọ́ọ̀gìbúùkù àti ìjábọ̀ rẹ̀, tàbí láti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti àjọ ITF, bí kò bá ti dárúkọ oníbàárà, tí kò sì fi dátà ẹnikẹ́ni tàbí kóòdù ilé-iṣẹ́ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè ka ìjábọ̀ náà kó tó fi sílẹ̀, yóò sì dá a padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún.” Ọjọ́ márùn-ún yẹn ṣe pàtàkì. Bí wọn kò bá kọ iye ọjọ́, ìjábọ̀ lè wà lórí tábìlì ọ̀gá títí ọjọ́ ìfisílẹ̀ yóò fi kọjá.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ká ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó tún àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà ṣe nítorí pé orúkọ àwọn kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gìbúùkù pé òun ṣí àkọsílẹ̀ báǹkì báyìí, tó dárúkọ báǹkì náà, tó sì lẹ àwòrán ojú kọ̀ǹpútà tó ń fi nọ́ńbà àkáǹtì èèyàn hàn mọ́ ọn, ó ti jẹ̀bi, àdéhùn wà o, kò sí o. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 wà lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó kọ ni pé òun kọ kóòdù tó ń wá orúkọ tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, bí òun ṣe mọ̀ pé ẹni kan náà ni wọ́n, àti bí òun ṣe dán an wò pẹ̀lú orúkọ àdábọwọ́. Olùkọ́ á rí ohun tó kọ́, kò sì sí àṣírí oníbàárà tó tú. Fún àwọn tó ń ṣe aití nílé ìwòsàn tàbí nínú láàbù, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn di àṣírí, nítorí náà kí wọ́n má gba orúkọ, nọ́ńbà káàdì tàbí fọ́tò kankan láyè nínú lọ́ọ̀gìbúùkù.

Ohun mẹ́ta mìíràn ló kù nínú abala àṣírí yìí. Ó yẹ kó yọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ kó tó dé sílẹ̀. Ó yẹ kó ní òpin, bí ọdún kan tàbí méjì, yàtọ̀ sí dátà àwọn èèyàn tó gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ títí. Kò sì gbọ́dọ̀ pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́ bí wọ́n bá fìyà jẹ ẹ́ tàbí tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ pa á lára níbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ lè sọ fún òbí rẹ̀, fún ilé-ẹ̀kọ́ àti fún ọlọ́pàá láìbẹ̀rù mílíọ̀nù márùn-ún ẹnikẹ́ni. Ní ti owó ìtanràn yẹn fúnra rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ ilé-iṣẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-iṣẹ́ kò san ju owó ọkọ̀ fún kò yẹ ní ẹni tí à ń kọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sí lọ́rùn.

Ó wá ku ẹni tó ni iṣẹ́. Ibí yìí ni ètò àjọ ìyá ọmọ wa ti jáde padà. Abala náà sọ pé gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe “láàárín àkókò àdéhùn, tó bá jẹ mọ́ òwò ilé-iṣẹ́,” ti ilé-iṣẹ́ ni. Òwò ilé-iṣẹ́ ni owó sísan. Ètò àjọ, owó sísan náà ni. Ká ní ọmọ yìí délé lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó tan kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, ó sì fi ojú ewé kan kún ètò ìyá rẹ̀ kí àwọn obìnrin lè máa rí iye tí wọ́n ti dá. Bí a bá tẹ̀ lé ìwé yẹn bó ṣe wà, ojú ewé náà ti di ti ilé-iṣẹ́ ní Yábà. Kò ṣe é lọ́fíìsì, kò lo iná wọn, kò lo dátà wọn. Gbólóhùn “láàárín àkókò àdéhùn” ló gbá alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Òfin Nàìjíríà kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tó ka kóòdù kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀, ìlànà gbogboogbò ni pé ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni ẹ̀tọ́ kọ́kọ́ máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀tọ́ náà tó sì lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ kì í fi í gbàgbé abala yìí: ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ sí láìkà yẹn ni àkọsílẹ̀ náà. Ti ohun tuntun tí èèyàn hùmọ̀, bí ẹ̀rọ tàbí ọ̀nà tuntun láti ṣe nǹkan, yàtọ̀ díẹ̀. Òfin tó wà lórí rẹ̀ láti 1970 fi ẹ̀tọ́ náà fún agbanisíṣẹ́ bí wọ́n bá hùmọ̀ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n san owó tó tọ́ fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti hùmọ̀ nǹkan, tó sì lo ohun èlò wọn hùmọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló yẹ kó fi èyí sọ́kàn jù.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lọ́fíìsì, lórí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ó tọ́ kó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Kò sí ìdí tí yóò fi bá wọn jà lórí ìyẹn, wọn kò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ààlà ló yẹ kó béèrè. Kí wọ́n yí gbólóhùn yẹn sí “ohun tó bá ṣe lórí iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ gbé fún un.” Kó sì so ojú ewé kan mọ́ ẹ̀yìn ìwé àdéhùn tó to àwọn iṣẹ́ tó ti ní tẹ́lẹ̀ sí: orúkọ ètò àjọ, ohun tó ń ṣe, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti ibi tó wà lórí GitHub. Kí òun àti ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí ojú ewé náà. Láti ọjọ́ yẹn, kó má fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣí ètò àjọ, kó má sì da ìlà kóòdù kan láti ọ̀dọ̀ wọn sínú rẹ̀. Bó bá pa méjèèjì pọ̀, ojú ewé ẹ̀yìn yẹn kò ní gbà á.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mú ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà aití ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí ìwé kò bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè ní kó dáwọ́ dúró nígbà tó ti kọ orí mẹ́ta. Kó béèrè àyè náà ní àkọsílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àyè láti fi àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Bó bá tilẹ̀ ti fi ẹ̀tọ́ àdàkọ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́, ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ló ṣe iṣẹ́ kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn nígbà ayé rẹ̀.

Báwo ni yóò ṣe sọ gbogbo èyí fún aǹtí tó na bírò sí i? “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé-ẹ̀kọ́ mi ní kí n fi ìwé tí mo bá fọwọ́ sí han àwọn kí n tó fọwọ́ sí i. Ṣé mo lè mú un wá lọ́la?” Kó ti sọ fún alákòóso SIWES nílé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣáájú kí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òótọ́. Alákòóso yìí náà ló yẹ kó bá a fi lẹ́tà ránṣẹ́, torí pé ohùn ilé-ẹ̀kọ́ wúwo ju ohùn ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lọ. Kí lẹ́tà náà má ju ojú ewé kan lọ, kó fi gbólóhùn tuntun síwájú ilé-iṣẹ́ dípò kó kàn ṣàròyé.

Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ láti yọ owó ìtanràn, a ṣì lè bá wọn jíròrò. Bí wọ́n bá kọ̀ láti dárúkọ alábòójútó, kó fi ímeèlì béèrè orúkọ ẹni náà, kó sì tọ́jú èsì wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ̀ pátápátá pé kò gbọ́dọ̀ kọ lọ́ọ̀gìbúùkù fún ilé-ẹ̀kọ́, kó wá ibòmíràn lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀sẹ̀ 23 ṣì wà níwájú rẹ̀, kó sì jẹ́ kí ẹ̀ka SIWES mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n lè yí orúkọ ilé-iṣẹ́ padà nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ̀dà méjì ni kí wọ́n fọwọ́ sí. Kó fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí orúkọ ètò àjọ wà nínú rẹ̀, kó sì tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ sílé, kì í ṣe sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ọ́fíìsì.